Ọjọ́ tí mo dá káàdì aboyún padà

Ẹ̀yin àbúrò mi, ó pé ọdún 19 nínú oṣù yìí tí mo ti ń gba fáìlì lọ́wọ́ àwọn ìdílé tí ẹni tó ń dáwó ìfẹ̀yìntì kú mọ́ lójú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo rí ọ̀kan nínú yín tó ṣí fọ́ọ̀mù tí olóògbé kọ nígbà tó wọṣẹ́, tó ń da orúkọ inú rẹ̀ kọ bí ẹni pé àwọn ló máa gbowó. Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ sọ.

Àkọ́kọ́, owó oṣooṣù tí à ń san fún àwọn tí olóògbé fi sílẹ̀ kì í ṣe ogún. Àdéhùn 102 tí Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé ṣe ní 1952 sọ ìdí tí à ń fi san án: nítorí àtìlẹ́yìn tí opó tàbí ọmọ pàdánù nígbà tí ẹni tó ń gbọ́ bùkátà wọn kú. Orúkọ inú fọ́ọ̀mù lè wúlò fún owó tí à ń san lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ibi, òfin ló ń yan ẹni tó máa gba ti oṣooṣù.

Ìkejì, ọjọ́ ikú la fi ń wo ẹni tó gbára lé olóògbé. Ta ni ìyàwó rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn? Ẹ gba ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó, bó bá sì ti fẹ́ ẹlòmíràn rí, ẹ gba ìwé ìkọ̀sílẹ̀ ti kóòtù. Ọmọ tó ti kọjá ọjọ́ orí tí òfin dá ń mú ìwé wá láti ilé ẹ̀kọ́, tàbí ìwé dókítà bí àìlera kò bá jẹ́ kó lè ṣiṣẹ́. Ti òbí ló máa ń le jù, torí pé jíjẹ́ ìyá nìkan kò tó. Ó gbọ́dọ̀ hàn pé ọmọ náà ló ń bọ́ ọ: ìwé báńkì tó fi owó tó ń fi ránṣẹ́ lóṣooṣù hàn, tàbí rìsíìtì owó ilé tó ń bá a san.

Ọjọ́ ikú yìí gan-an ni mo gbàgbé láti wò. Obìnrin kan wá sọ́dọ̀ mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀. Ó kó ìwé ẹ̀rí ikú, ìwé ìgbéyàwó, ìwé ìdánimọ̀ àti nọ́mbà olóògbé sínú àpò ìwé aláwọ̀ ilẹ̀ kan. Nísàlẹ̀ wọn ni káàdì ìtọ́jú aboyún wà, etí rẹ̀ ti ká. Mo fà á yọ, mo ní, "Ìyá, a ò nílò èyí," mo dá a padà fún un. Oyún oṣù mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ tí ọkọ kú. Òfin wa ka oyún inú sí ọmọ, bó bá ti lè wáyé láàyè. Mo mọ òfin náà. Fọ́ọ̀mù wa ni kò ní ibi tí a ń kọ ọ́ sí, ọ̀gá mi ìgbà náà sì kọ́ wa pé ohun tí fọ́ọ̀mù kò bá béèrè, kí a má béèrè rẹ̀. Títí dòní, ọ̀rọ̀ yẹn ń dùn mí.

Ẹ jẹ́ ká pe owó oṣù kan ní 120. Ìdajì, ìyẹn 60, jẹ́ ti opó. Ọmọ méjì tí olóògbé bí fún ìyàwó àkọ́kọ́ pín ìyókù ní 30, 30. Mo pa fáìlì dé. Nígbà tí ọmọ titun pé oṣù mẹ́sàn-án, ìyá rẹ̀ gbé e wá. Ọmọ mẹ́ta ló yẹ kó pín 60 yẹn, 20 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. A jẹ ọmọ ọwọ́ náà ní 180. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ méjèèjì sì ti gba 90 kọjá ẹ̀tọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. A wá ń yọ 5 lóṣooṣù lára 20 tiwọn fún oṣù 18. Ẹ fojú inú wo ìyá wọn nígbà tí 30 di 15. Ó jókòó níwájú mi, ó ní kí n ṣàlàyé ohun tí àwọn ọmọ òun ṣe. N kò rí nǹkan kan sọ fún un.

Ìdààmú kò parí síbẹ̀. Ọ̀gá ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ kò fẹ́ kọ orúkọ òkú sí ipò bàbá nínú ìwé ẹ̀rí ìbí. Ìwé ìgbéyàwó ló yanjú rẹ̀, pẹ̀lú káàdì aboyún yẹn, torí pé déètì inú rẹ̀ fi hàn pé oyún ti wà kí ọkọ tó kú. Ká ní wọn kò ṣègbéyàwó ni, ó di kóòtù, bóyá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú àwọn ẹbí olóògbé.

Láti ìgbà náà, bí opó bá ti jókòó, mo máa ń rọra béèrè bóyá ó lóyún, àti bóyá obìnrin mìíràn wà tó lóyún fún olóògbé. Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, mo ń gba ẹ̀dà káàdì náà, mo ń kọ déètì ìbímọ tí wọ́n ń retí sára fáìlì, n kì í sì í pín owó àwọn ọmọ tán. Mo ń ya ìpín kan sọ́tọ̀ títí ìwé ẹ̀rí ìbí yóò fi dé ọwọ́ mi.