Àwòrán yí 11, sípẹ́kítírọ́ọ̀mù ní 5.5

Ìwé tí ìyá mi fi ń kọ gbèsè àwọn oníbàárà rẹ̀ ni mo fi fóònù yà, ọwọ́ mi ò sì gún: gbogbo ojú ìwé ló fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ní kí n fi ìṣirò Fúríà wá igun tó fì, kí n má baà máa tún wọn ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mo gé àwòrán náà sí píksẹ́lì 512 ní ìbú, 1024 ní òòró. Láti ìlà ìwé kan sí èkejì jẹ́ píksẹ́lì 32. Ká ní ìwé gún ni, nínú sípẹ́kítírọ́ọ̀mù, ìyẹn àwòrán tí ìṣirò náà fi ń ṣàfihàn iye ìgbì tó wà ní ìbú àti ní òòró, ìlà wọ̀nyí ì bá yọ bí àmì funfun kan ní (0, 32), torí ìlà 32 ló gba inú 1024. Bí àwòrán bá yí, àmì náà á yí ní igun kan náà.

Ní (3, 31) ni mo ti bá a. Mo ṣírò igun rẹ̀, ó jẹ́ dígírì 5.5. Mo yí àwòrán padà bẹ́ẹ̀, ó ṣì fì. Mo wá fi irin ìwọ̀n-igun ọmọ mi wọ̀n ọ́n: 11!

Ọ̀tọ̀ ni ìbú, ọ̀tọ̀ ni òòró. Ìlà ìbú kọ̀ọ̀kan ni ìṣirò náà máa ń kọ́kọ́ ṣe, kó tó wá ṣe èsì rẹ̀ ní òòró; `f` ni àwòrán náà:

```
F = np.fft.fft(np.fft.fft(f, axis=1), axis=0)
```

Ohun kan náà ni `np.fft.fft2(f)` ń ṣe. Nítorí náà, 3 yẹn jẹ́ ìgbì mẹ́ta láàárín píksẹ́lì 512, 31 sì jẹ́ ti inú 1024. Ẹ pín wọn kẹ́ ẹ tó wá igun: 3/512 àti 31/1024. Ó di 10.95. Bí ìbú àti òòró àwòrán yín bá dọ́gba, ẹ ò ní rí àṣìṣe yìí láéláé, ìyẹn ló fi tàn mí jẹ.

Lójú ìwé mìíràn, àgbélébùú funfun ló bo àárín sípẹ́kítírọ́ọ̀mù, lẹ́yìn tí mo fi `np.fft.fftshift(F)` gbé òdo sí àárín. Mo yí ìwé, kò mira. Ìṣirò náà ń wo àwòrán bí áńkárá tí bátànì rẹ̀ ń tún ara rẹ̀ ṣe: etí ọ̀tún pàdé etí òsì, ìmọ́lẹ̀ wọn ò sì bára mu. Etí àwòrán kì í bá ìwé yí, àgbélébùú náà kò sì ní yí. Mo yọ ìpíndọ́gba ìmọ́lẹ̀ àwòrán kúrò, mo sì sọ etí di ṣíṣú díẹ̀díẹ̀:

```
g = (f - f.mean()) * np.outer(np.hanning(1024), np.hanning(512))
```

Ti pé ìwé ò sí lójú kan náà nínú fọ́tò kọ̀ọ̀kan kò dà mí láàmú. Mo fi `np.roll(f, 40, axis=1)` sún ọ̀kan ní píksẹ́lì 40: `np.abs(F)` kò yí padà, ibi tí ìgbì ti bẹ̀rẹ̀ nìkan ló yí. Nínú fọ́tò gidi, ohun tó jáde lápá kan kì í gba apá kejì wọlé, nítorí náà ìyàtọ̀ díẹ̀ á wà, àmọ́ àmì ò ní kúrò níbi tó wà.

Ojú ìwé mẹ́ta ló dorí kodò. Bákan náà ni `np.abs(F)` wọn rí pẹ̀lú èyí tó dúró dáadáa, nítorí náà ọwọ́ ni mo fi yí àwọn yẹn.