Súmò tó ń fa 20 àti èyí tó ń fa 3

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o. Súmò inú bóhòólù wa ní Tankẹ́, n'Ílọrin, jó, mo bá gba ọ̀nà Taiwo lọ ra tuntun. Ọlọ́jà gbé méjì síwájú mi, owó wọn ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra, ìwé kan wà nínú páálí kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ya gíráàfù sí. Ó ní "Alhaji, ẹ mú èyí tó bá wù yín." Ta? Èmi tí mo ṣe sáyẹ́ǹsì ní sẹ́kọ́ńdìrì? Mo ní ẹ dúró ná, kí n ka gíráàfù.

Mo sì kà á dáadáa, wallahi. Láti ojú omi dé orí tánkì wa, kí n tún fi ti páìpù kún un, ó tó 30 mítà, mo bá wá 30 lára ìlà tó nàró lápá òsì, mo fi ìka wọ́ ọ lọ títí tó fi kan ìlà tó tẹ̀ yẹn, mo wá sọ ìka kalẹ̀ tààrà sórí ìlà ìsàlẹ̀. Ti àkọ́kọ́ bọ́ sórí 20. Ti ìkejì bọ́ sórí 3. Mẹ́ta! Ìyá mi àgbà fi okùn àti garawa fa omi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ya fọ́tò ìwé méjèèjì (kí n lè fi ṣe fọ́ńté nílé ni), mo sanwó oní-20.

Ọjọ́ tí wọ́n rì í sínú omi tán, a tan jẹ́nẹ́rétọ̀, a ń retí, a ń retí. Tánkì 1,000 lítà, ó gbà á ní 50 ìṣẹ́jú, epo ń jó. Ìyàwó mi gbétí sẹ́nu páìpù, ó ní "Bàbá Mariam, ṣé súmò ni àbí ó ń tọ̀?"

Púlọ́mbà gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó wo fọ́tò, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, kí ni wọ́n kọ sábẹ́ ti àkọ́kọ́?" L/min. "Lítà ní ìṣẹ́jú kan nìyẹn. Ìkejì ńkọ́?" m³/h. Mo mà rí 3 kékeré yẹn ní ṣọ́ọ̀bù, ìdọ̀tí ni mo pè é, mo tiẹ̀ fi èékánná ha á.

Ó ní "m³ kan, 1,000 lítà ni, odidi tánkì yín. Èyí tí ẹ fi sílẹ̀ yẹn, tánkì mẹ́ta ni ì bá máa kún ní wákàtí kan. Tó bá jẹ́ ní ìṣẹ́jú, 50 lítà nìyẹn. Tiyín, 20."

Mo sáré padà lọ bá ọlọ́jà. Ó ní súmò tó ti wọnú omi kì í padà sí páálí.

Lánàá mo ní kí ìyàwó mi bu ẹran mẹ́ta fún mi. Ó gbé ṣíbí dúró lókè ìkòkò, ó ní "Mẹ́ta ní ìṣẹ́jú ni àbí mẹ́ta ní wákàtí?"