Ohun tí jẹnẹrétọ̀ kọ́ mi nípa ọkọ̀ oníná àti háíbíríìdì

Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún ọdún 2023, Kámúrì tí mo máa ń gbé láti Akóbọ̀ lọ sí Dùgbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ owó mi run. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìbàdàn, bíi lítà 11 ló ń mu kó tó rin 100 kìlómítà. Mo tà á, mo ra Kámúrì háíbíríìdì tòkunbọ̀ ọdún 2009, èyí tó ń lo epo àti bátìrì pọ̀. Àbúrò mi ní tòun, òun ò bá ilé epo ṣe mọ́, ló bá ra Nísáànì Líìfù tó ń lo iná nìkan. A ò ro ti ọkọ̀ tó ń lo dísù rárá. Omi díẹ̀ nínú dísù ti tó láti ba ẹnu tó ń fọ́n epo sínú ẹ̀ńjìnnì rẹ̀ jẹ́, ó sì ṣòro láti mọ̀ ọ́n nígbà tí wọ́n bá ń tà á fún ọ.

Ládùúgbò wa, iná nẹ́pà ń wá fún bíi wákàtí 5 lójúmọ́, kò sì lágbára. Wáyà tí àbúrò mi fi ń ṣáàjì Líìfù ń fa ámípù 10. Bí iná bá jẹ́ fóòtù 160, yúnìítì 8 péré ló máa wọ inú ọkọ̀ ní wákàtí 5. Yúnìítì 20 láti ara ògiri ló ń gbé e rin 100 kìlómítà, nítorí náà 8 yẹn tó fún 40 kìlómítà. Ìyẹn tó o láti lọ síbi iṣẹ́ kó sì padà. Wàhálà bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí tiransifọ́mà jó, tí a ò rí iná fún ọjọ́ mẹ́rin.

Àbúrò mi gbé jẹnẹrétọ̀ 3.5 jáde. Ọkọ̀ kọ̀, iná pupa ń tàn lára àpótí ṣáàjì. Oníṣẹ́ iná ló sọ fún wa pé jẹnẹrétọ̀ náà kò ní ẹ́ẹ̀tì, ìyẹn wáyà tó so iná mọ́ ilẹ̀, àpótí yẹn kì í sì í jẹ́ kí iná kọjá bí kò bá rí i. Ó gbá irin mọ́lẹ̀, ó so ó mọ́ niútírà jẹnẹrétọ̀, ọkọ̀ sì gbà. Ẹ má fọwọ́ ara yín ṣe èyí o, iṣẹ́ oníṣẹ́ iná ni.

Mo ní ká wọn epo. A rọ táǹkì jẹnẹrétọ̀ kún, a fi mítà kékeré sáàárín, a ṣáàjì títí ó fi ka yúnìítì 10, a sì tún rọ ọ́ kún. Lítà 5 ló gbà. Ìyẹn ni pé lítà 10 ló máa fi rin 100 kìlómítà! Háíbíríìdì mi ń fi bíi 7 rìn ín nínú sún-un-sún-un ìlú kan náà. Àbúrò mi dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọkọ̀ epo náà ni mo rà nígbà náà nìyẹn."

Àmọ́ ọkọ̀ rẹ̀ kò burú. Nígbà tó gba àyè láti máa ṣáàjì níbi iṣẹ́ rẹ̀, níbi tí wọ́n wà ní Báńdì A, yúnìítì kan lé díẹ̀ ní 200 náírà, 100 kìlómítà wá di bíi 4,000 náírà. Ní ìparí ọdún 2024 tí lítà epo ti tó 1,000, 7,000 ni èmi ń ná sórí ìrìn kan náà. Ibi tí iná ti ń wá ló yàtọ̀, ọkọ̀ náà ni.

Tèmi náà fojú mi rí nǹkan. Kò pé ọdún kan tí iná ìkìlọ̀ tàn, ẹ̀rọ tí mẹkáníìkì fi yẹ̀ ẹ́ wò kọ P0A80. Bátìrì ńlá rẹ̀, tó jẹ́ 34 kéékèèké tí wọ́n so pọ̀, ti ń kú. Mẹkáníìkì ṣí ẹ̀yìn ìjókòó, ó fa fáànù tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i jáde. Eruku ọyẹ́ ti dì í pa.

Ó ní, "Ọ̀gá, ọkọ̀ yín ò ríbi mí."

Inú ọkọ̀ gan-an ni fáànù yẹn ti ń fa atẹ́gùn, láti ihò tó wà lórí pẹpẹ ẹ̀yìn ìjókòó. Èmi sì máa ń kó aṣọ àti ìwé lé e lórí, mo tún máa ń pa ẹ̀rọ amúlétutù nítorí kí epo má baà tán. Ooru ló pa bátìrì. A kọ́kọ́ pààrọ̀ 2 tó kú nìkan, ṣùgbọ́n tuntun àti àtijọ́ ò bára wọn mu, lóṣù mẹ́rin iná tún tàn. Mo fi owó gidi ra odindi. Ní báyìí, à ń fọ fáànù náà lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, lẹ́yìn ọyẹ́, ihò yẹn sì ṣófo.

Bí mo bá tún fẹ́ ra òmíràn, màá wà á fún 20 ìṣẹ́jú gbáko pẹ̀lú ẹ̀rọ ìyẹ̀wò lára rẹ̀. Ó máa fi fóòtù bátìrì náà hàn ní ìpín 17. Bí mo bá fẹsẹ̀ tẹ ọkọ̀ náà kó sáré tí ìpín kan fi fóòtù 1 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ rẹlẹ̀ sí àwọn yòókù, mi ò ní rà á.

Ohun kan wà tí ọ̀wọ́n epo kọ́ mi. Epo tán pátápátá nínú ọkọ̀ mi lórí ìlà ilé epo lọ́jọ́ kan, mo sì ń fi bátìrì sún un díẹ̀díẹ̀, inú mi ń dùn pé ó ṣì ń lọ. Mẹkáníìkì ló wá sọ fún mi pé bí bátìrì náà bá ṣófo tán, kò sí wáyà kankan nílé tí a lè fi ṣáàjì rẹ̀, àti pé epo ni ẹ̀ńjìnnì fi ń dá a padà. Láti ìgbà náà, bí ọwọ́ epo bá ti sọ̀ dé ìdá mẹ́rin táǹkì, mo ti wà lórí ìlà.