Ẹ fi ìwúwo ṣeré kẹ́ ẹ tó yan oníṣòwò

Ẹ̀yin àbúrò tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ ọjà rírà fún ọ́fíìsì, tábìlì máàkì tá a fi ń yan oníṣòwò ò le rárá, ìwúwo, ìyẹn ìdá tá a fún owó, ọjọ́ àti dídára níkọ̀ọ̀kan nínú 100, ló ń dájà sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú páànù òrùlé iléèwé kan ní Kétu. Ará Àjàṣẹ́ ní òun á gba mílíọ̀nù 4 sẹ́fà, ọjọ́ 30 ló máa fi kó o wá, páànù ẹ̀ sì fẹ́lẹ́, a fún un ní 60 nínú 100 fún dídára. Ará Kétu ní mílíọ̀nù 4.4, ọjọ́ 15, dídára 75. Ará Kútọnu ní mílíọ̀nù 5, ọjọ́ 10, dídára 90.

Máàkì owó, ẹ fi iye ẹnì kọ̀ọ̀kan pín iye tó kéré jù, kẹ́ ẹ wá sọ ọ́ di nínú 100: Àjàṣẹ́ 100, Kétu 91, Kútọnu 80. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe tọjọ́: 33, 67, 100. Nínú Excel elédè Faransé, ìwúwo owó, ọjọ́ àti dídára wà ní B2 dé B4, máàkì ẹni àkọ́kọ́ ní C2 dé C4, ẹ wá kọ:

```
=SOMMEPROD($B$2:$B$4;C2:C4)
```

Àmì dọ́là yẹn ni ò ní jẹ́ kí ìwúwo sá kúrò níbi tó wà tẹ́ ẹ bá fa fọ́múlà lọ sọ́dọ̀ àwọn tó kù. Kí ìwúwo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì pé 100% o.

Ẹ wá wo eré. Tówó bá jẹ́ 50%, tí ọjọ́ àti dídára gba 25% níkọ̀ọ̀kan, Kútọnu ló gbégbá orókè pẹ̀lú 87.5. Ẹ gbówó lọ sí 80, kí méjì tó kù pín 20 dọ́gba, Àjàṣẹ́ ló mú un, 89.3. Ní 70 ńkọ́? Ará Kétu ni, 85, Kútọnu 84.5, Àjàṣẹ́ 84. Ẹni mẹ́ta, ìwúwo mẹ́ta, ẹnikẹ́ni tó bá ti rí iye tí wọ́n mú wá kó tó yan ìwúwo ti lè yan ẹni tó wù ú nìyẹn, ìdí nìyí tó fi yẹ kẹ́ ẹ kọ ìwúwo sílẹ̀, kẹ́ ẹ fọwọ́ sí i, kí wọ́n tó tú àpòòwé táwọn oníṣòwò fi iye wọn sí.

Fọ́múlà owó náà ńkọ́, àwọn míì a máa fún ẹni tó wọ́n jù ní òdo, ẹni tó pọ́ọ́kú jù ní 100. Kútọnu tó fi ìdá mẹ́rin kan péré wọ́n ju Àjàṣẹ́ lọ á gba òdo lórí owó, ní 50% yẹn náà á já sí 47.5, Àjàṣẹ́ á wá borí pẹ̀lú 73. Èmi ò fẹ́ràn ẹ̀, ó ń sọ eèrà derin.

Tí àlàfo ò bá pé máàkì kan, bíi ti 70 yẹn, ẹ má tíì yan ẹnikẹ́ni. Ẹni tó fún Kétu ní 75 ì bá fún un ní 70, Kútọnu ni ì bá wọlé. Ẹ ní kí àwọn méjèèjì mú páànù kọ̀ọ̀kan wá, kẹ́ ẹ wọn bó ṣe nípọn tó, kẹ́ ẹ wá máàkì dídára lákọ̀tun.