Ibi tí wọ́n fi gbèsè pa mọ́ sí nínú àgírímẹ́ńtì kòkó

Màmá kan tó ń ra kòkó jọ ní Ìdànrè ló gbé àgírímẹ́ńtì wá bá mi ní ọ́fíìsì mi l'Ákùrẹ́, ilé-iṣẹ́ kan ní Èkó ló fẹ́ máa gba kòkó lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní, "Lọ́yà, ọ̀la ni wọ́n ní kí n sáìnì o, ṣáà bá mi wò ó bóyá iye tá a jọ sọ ló wà níbẹ̀." Iye yẹn pé: 20 tọ́ọ̀nù lóṣù, ₦5,000,000 lórí tọ́ọ̀nù kan, ìyẹn ₦100,000,000 lóṣooṣù.

Tẹ́lẹ̀, tí mo bá ń yẹ irú ìwé báyìí wò, ibi tí wọ́n kọ òdiwọ̀n gbèsè sí, ìyẹn iye tí ohun tí wọ́n lè ní kéèyàn san ò gbọ́dọ̀ jù lọ, ni mo máa ń wá, tí mo bá ti rí i pé òdiwọ̀n wà, ọkàn mi á balẹ̀, màá kọjá. Ìwé màmá yìí ló gba àṣà yẹn lọ́wọ́ mi. Kíláòsì 17 sọ pé gbèsè ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì ò ní ju iye ẹrù tí ọ̀rọ̀ kàn lọ, ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ bó ṣe bẹ̀rẹ̀ ni pé "yàtọ̀ sí ohun tó wà ní kíláòsì 9." Mo bá ṣí kíláòsì 9, ọ̀rọ̀ àpò ni wọ́n fi ṣe àkọlé ẹ̀, bí wọ́n ṣe máa rán an, pé àpò 16 ni tọ́ọ̀nù kan, ó wá kù díẹ̀ kó parí, ìlà mẹ́ta kan ní màmá máa san gbogbo àdánù tó bá bá ilé-iṣẹ́ yẹn "ní ọ̀nà yòówù" nípa ẹrù náà, títí kan èrè tí wọn ò rí jẹ.

Indẹ́múnítì nìyẹn: ìlérí pé bí nǹkan bá ṣe ẹ́, èmi ni màá san án. Kì í ṣe nǹkan burúkú fúnra ẹ̀. Tí ẹnìkẹta bá pe ilé-iṣẹ́ yẹn lẹ́jọ́ torí kòkó tí màmá fi nǹkan lú, ó tọ́ kí màmá san án. Ohun tó yẹ kó já wa láyà ni "ní ọ̀nà yòówù", torí kò béèrè ẹni tó ṣẹ̀. Bẹ́ẹ̀, tó bá jẹ́ ẹjọ́ àdéhùn lásán ni, láti ìgbà ẹjọ́ Hadley àti Baxendale ní 1854 ni kóòtù ti máa ń wò ó bóyá àdánù yẹn jẹ́ ohun tí àwọn méjèèjì lè ti rò tẹ́lẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣàdéhùn, àmọ́ indẹ́múnítì tí wọ́n bá kọ fẹ̀ bí èyí lè fo odi yẹn kọjá.

Mo wá fi àpẹẹrẹ ṣàlàyé fún màmá. Mo ní, ká ní kòkó yín dé Èkó, wọ́n wọn omi inú ẹ̀, ó jẹ́ 7%, wọ́n sáìnì pé àwọn gbà á. Wọ́n kó o sí wèéhaùsì tí òrùlé ẹ̀ ń jò, omi bà á jẹ́, oníbàárà wọn l'ókè òkun kọ̀ ọ́, wọ́n wá pàdánù ₦160,000,000. Ta ló máa san án? Màmá ní, "Àwọn náà ni, ṣé èmi ni mo lu òrùlé wọn ni?" Mo ka kíláòsì 9 fún wọn lẹ́ẹ̀kan sí i ní Yorùbá, wọn ò sọ nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń ka irú ìwé yìí lórí kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ Ctrl+F, kẹ́ ẹ wá `indemnify`, `hold harmless`, `howsoever` àti `notwithstanding`, ibi tí ẹ ò fọkàn sí ni wọ́n ti máa ń jáde. Kẹ́ ẹ wá fi ojú ewé òdiwọ̀n àti ti indẹ́múnítì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ọ̀kan ń yọ èkejì sílẹ̀. Kẹ́ ẹ tún wo ìtumọ̀ tí wọ́n fún "àdánù" níwájú ìwé, èrè tí wọn ò rí jẹ lè ti wà nínú ẹ̀ látibẹ̀.

A ò sáìnì lọ́jọ́ kejì. Mo yí i padà pé ohun tí ẹnìkẹta bá béèrè nítorí àṣìṣe màmá nìkan ni indẹ́múnítì máa kàn, pé kò kan ìbàjẹ́ tó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti wọn kòkó tí wọ́n sì gbà á, àti pé ó gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ òdiwọ̀n kíláòsì 17. Jìbìtì àti ìwà àmọ̀ọ́mọ̀ṣe nìkan ni mo fi síta òdiwọ̀n, torí kò sí bí mo ṣe fẹ́ bẹ lọ́yà wọn kó gbà mí láyè lórí ìyẹn. Lọ́yà wọn gba méjì àkọ́kọ́, ó takú lórí òdiwọ̀n, a jọ fà á fún bíi ọ̀sẹ̀ kan, a wá parí ẹ̀ sí ìlọ́po méjì iye ẹrù tí ọ̀rọ̀ kàn. Ó pọ̀ lójú mi, àmọ́ màmá ní àwọn lè gbé e.

Ní báyìí, gbogbo ìgbà tí lọ́rì bá gúnlẹ̀ l'Ékòó, ọmọ màmá kì í kúrò níbẹ̀ tí wọn ò bá tíì sáìnì sí ìwé tí wọ́n kọ iye omi inú kòkó yẹn sí, inú nọ́ọ̀lọ̀n ló ń kó wọn sí, òun àti wébìlì.