Lẹ́tà tí mo kọ fún ayálégbé mi tó ń kó lọ sí Ìlọrin

Tíṣà kan bá mi gbé fún ọdún márùn-ún nínú yàrá àti páálọ̀ tó wà lẹ́yìn ilé mi ní Kàbà. Kì í kọjá lójúde mi láàárọ̀ láìsọ pé, "Okun o, Màmá." Nígbà tó rí iṣẹ́ sí Ìlọrin, ó wá bá mi, ó ní onílé tí òun fẹ́ gbalé lọ́wọ́ rẹ̀ ní kí òun gba lẹ́tà wá lọ́dọ̀ mi, kí wọ́n lè mọ bí òun ṣe gbé ilé.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo kọ ọ́. Mo ní ọmọlúàbí ni, ó bẹ̀rù Ọlọ́run, kì í bá ará ilé jà, àti pé mo dúró fún un. Ọjọ́ kẹta, ẹ́jẹ́ńtì pè mí láti Ìlọrin. Ó kí mi dáadáa, ó wá ní, "Màmá, mo rí i pé ẹ fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n èló ló ń san? Ṣé ó jẹ yín lówó rí? Ìgbà wo ló dé ọ̀dọ̀ yín?" Mo wo ẹ̀dà lẹ́tà mi, kò sí ìdáhùn kankan níbẹ̀. Ó tún sọ ohun kan tí n kò rò rí: onílé tí ayálégbé ti sú máa ń kọ irú ìyìn yẹn náà, kí onítọ̀hún lè tètè kó jáde fún un.

Mo bá gbé ìwé rìsíìtì mi sílẹ̀. Oṣù kìíní 2020 ló wọlé, ọgọ́rin ẹgbẹ̀rún náírà (₦80,000) lọ́dún. Ní 2023 mo fi kún un, ó di ₦120,000. Ká ní ẹnikẹ́ni bi mí tẹ́lẹ̀, ǹ bá búra pé kò pẹ́ san owó ilé rí. Àmọ́ rìsíìtì 2022 já mi nírọ́: ìdajì ló san lóṣù kìíní, ó san ìyókù lóṣù kẹta. Ìgbà yẹn ni owó oṣù wọn dúró. Mo rántí pé kí owó ilé tó pé ló ti wá bá mi ní páálọ̀, ó dá ọjọ́ fún mi, ọjọ́ náà gan-an ló sì mú owó wá.

Ó ṣe mí bíi kí n fò ó. Ìfẹ́ ọmọ náà ló fẹ́ mú mi fò ó. Mo kọ ọ́ bó ṣe rí:

"Ní 2022, ó san ìdajì owó ilé ní ìgbà tó yẹ, ó sì san ìyókù lóṣù kẹta. Ó ti sọ fún mi kí ọjọ́ tó pé, kò sì yẹ àdéhùn. Yàtọ̀ sí èyí, kò pẹ́ san owó rí."

Kí n tó kọ̀wé nípa bí ilé ṣe wà, mo ní kó jẹ́ kí n wọlé wò ó. Mo wo ògiri, mo wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, mo tan ẹ̀rọ omi, mo wo mítà iná. Gíláàsì fèrèsé kan ti fọ́ rí, òun ló fowó ara rẹ̀ pààrọ̀ rẹ̀. Èyí náà wọ lẹ́tà, torí ojú mi ló rí i.

Àbúrò mi tó ti ṣe akọ̀wé ní kọ́ọ̀tù ló bá mi kà á. Ó fi bírò fa "mo dúró fún un" dànù. Ó ní ohun tí mo mọ̀ nìkan ni kí n jẹ́rìí sí: ẹni tó bá kọ pé òun dúró fún èèyàn, wọ́n lè wá bá a lọ́jọ́ tí onítọ̀hún bá jẹ gbèsè. Bí onílé tuntun bá fẹ́ onídùúró, kó wá ìyẹn lọ́tọ̀, kí ẹni tó fẹ́ ṣe é sì mọ̀ pé òun ló ń ṣe. Mo tún yọ ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rù Ọlọ́run. Ṣọ́ọ̀ṣì tó ń lọ, ìlú rẹ̀, ìyàwó rẹ̀, àìsàn tó ṣe é rí, kò sí èyí tó kan owó ilé níbẹ̀.

Mo bi í bóyá ó gbà kí n sọ iye tó ń san, ó ní kò burú. Mo fún un kà kí n tó buwọ́ lù ú, mo kọ déètì àti nọ́ńbà fóònù mi sí i, mo sì ki ẹ̀dà kan sínú ìwé rìsíìtì. Nígbà tí ẹ́jẹ́ńtì tún pè, ẹ̀dà náà ni mo ṣí tí mo fi ń dá a lóhùn, kí ọ̀rọ̀ ẹnu mi má bàa yàtọ̀ sí ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ 2022 yẹn ló jẹ́ kí onílé náà gba ìyókù gbọ́. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni tíṣà gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.