Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka lẹ́sìn pláànù wa

Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n fẹ́ wá wo bí mo ṣe ń kọ́ni, ojú ewé mẹ́rin gbáko ni mo kọ, mo fi rúlà fa ìlà sí gbogbo ẹ̀, mo fi báírò pupa fàlà sábẹ́ àwọn àkọlé, mo rò pé ó ti parí nìyẹn. Súpáfáísọ̀ gbà á lọ́wọ́ mi, kò tiẹ̀ wo iwájú, ẹ̀yìn ló ṣí lọ, ibi ìgbéléwọ̀n, ìgbà tó kà á tán ló tó padà sókè lọ ka èròńgbà. Ó ní, "Tíṣà, ohun tẹ́ ẹ ní ẹ fẹ́ kọ́ wọn kọ́ lẹ fẹ́ bi wọ́n yìí o."

Òótọ́ sì ni. Àròpọ̀ ìdá ni iṣẹ́ ọjọ́ náà, àwọn ìdá tí nọ́ńbà ìsàlẹ̀ wọn ò bá ara wọn mu. Lókè, mo kọ pé "ní ìparí ẹ̀kọ́, àròpọ̀ ìdá yóò yé àwọn ọmọ." Nísàlẹ̀, ìbéèrè mi ni "Kí ló ń jẹ́ ìdá?" Ọmọ lè dáhùn ìyẹn geerege kó má sì lè ro 1/2 pọ̀ mọ́ 1/3. Ó wá bi mí pé kí ni mo máa rí nínú ìwé ọmọ tí mo fi máa mọ̀ pé ó ti yé e, mi ò rí nǹkan kan sọ.

Bí mo ṣe tún un kọ rèé: "Ní ìparí ẹ̀kọ́, ọmọ yóò lè dá ṣe àròpọ̀ ìdá méjì tí ìsàlẹ̀ wọn yàtọ̀, tí kò ju 6 lọ, yóò sì gba ó kéré tán 3 nínú ìbéèrè 4." Ìgbéléwọ̀n wá di ìbéèrè mẹ́rin yẹn gan-an, mo kọ wọ́n síbẹ̀ pẹ̀lú ìdáhùn wọn. Ẹni tó bá kà á máa rí i pé òkè àti ìsàlẹ̀ ń sọ ohun kan náà.

Ohun kejì tó ṣe, ó fi ọwọ́ bo ibi tí mo kọ iṣẹ́ olùkọ́ sí, ó ní kí n ka ti àwọn ọmọ nìkan. Ẹ gbọ́ ohun tó wà níbẹ̀: wọ́n fetí sílẹ̀, wọ́n dáhùn ìbéèrè, wọ́n kọ nóòtì. Ìṣẹ́jú 40 ni a ní, èmi ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ fún 25 nínú ẹ̀, ìgbéléwọ̀n tó yẹ kó ní àkókò, ìṣẹ́jú 5 ni mo fi sí i. Mo pín in báyìí: ìfáárà 5, iṣẹ́ bébà 12, ìṣirò méjì tí gbogbo wa jọ ṣe lójú pátákó 8, ìgbéléwọ̀n tí oníkálukú dá ṣe 10, àkójọ 5. Iṣẹ́ bébà yẹn, ọmọ kọ̀ọ̀kan gba bébà tẹ́ẹ́rẹ́ tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 12, ìdajì ẹ̀ jẹ́ 6, ìdá kan nínú mẹ́ta ẹ̀ jẹ́ 4, ó di 10. Ìdá kan nínú mẹ́fà sì jẹ́ 2, ìyẹn ni pé márùn-ún ẹ̀ ló wọ inú 10, 5/6 nìyẹn, ojú wọn ló rí i.

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ fọkàn sí jù, torí òun ni ọ̀pọ̀ nínú wa kì í kọ rárá, ni àṣìṣe tí a ti mọ̀ pé àwọn ọmọ máa ṣe. Ẹnikẹ́ni tó bá ti kọ́ ìdá rí mọ̀ pé àwọn kan máa ro òkè mọ́ òkè, wọ́n á ro ìsàlẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀, wọ́n á kọ 2/5. Mo kọ ọ́ sínú pláànù, mo sì kọ ohun tí mo máa ṣe sí i: má sọ fún ọmọ pé kò gbà á, ní kó wọn 2/5 lórí bébà ẹ̀. Kò ní tó sẹ̀ǹtímítà 5, bẹ́ẹ̀ ìdajì nìkan ti jẹ́ 6. Báwo lo ṣe fi nǹkan kún ìdajì tó wá kéré sí ìdajì? Fún àwọn tó bá tètè ṣe tán, mo kọ 3/4 + 1/6 sílẹ̀, àwọn tí kò tíì yé sì máa mú bébà wọn dání títí wọ́n á fi ṣe ìṣirò náà tán.

Fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń lò níbi tẹ́ ẹ wà lè yàtọ̀, ẹ gbà á lọ́wọ́ súpáfáísọ̀ yín ṣáájú, ẹ má fò ibì kankan nínú ẹ̀.

Lọ́jọ́ tí ìnsípẹ́kítọ̀ wá, ọmọ mẹ́rin ló kọ 2/5. Mo ní kí wọ́n mú bébà wọn. Ọ̀kan nínú wọn ló kọ́kọ́ pariwo pé "Ó ti kéré jù!" kí n tó sọ nǹkan kan, bí mo ṣe gbójú sókè, ìnsípẹ́kítọ̀ fi ìka sójú ìlà ibi tí mo kọ ọ́ sí nínú pláànù, ó ń fi báírò sàmì sí i.